Ẹ Má Fi Rúlà Wọn Ojú Fóònù

Tí ìdánwò Jáàmù tàbí Wáẹ́ẹ̀kì bá ti ń sún mọ́lé, irú fọ́tò kan wà tí àwọn olùkọ́ ìṣirò máa ń bá lórí Wasáàpù wọn láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Bébà gíráàfù ni, tàbí ojú ewé ìwé àjákọ lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òòró. Ìlà kẹta dà gẹ̀rẹ́ kọjá láàárín wọn, àmì A wà ní ìpẹ̀kun kan, B wà ní ìkejì, nọ́ńbà méjì-méjì sì wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ fọ́tò náà ni ẹ ó ti rí ẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ká wá àárín ìlà AB, gíradíẹ́ǹtì rẹ̀ àti ìkuéṣọ̀n rẹ̀."

Ìbéèrè mẹ́ta yìí wà lára ohun tí Jáàmù là sílẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ìròpọ̀, ìyọkúrò àti pínpín lè ṣe wọ́n tán kí omi tó hó lórí iná. Fọ́tò ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé rúlà lé ojú fóònù láti wá àárín ìlà, òmíràn á wo bí ìlà náà ṣe dà gẹ̀rẹ́ sí lójú fóònù, á sì ti ibẹ̀ méfò gíradíẹ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n nílò ti wà nínú àkámọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan ṣe àpẹẹrẹ. Lórí rẹ̀, A wà ní (−3, 1), B wà ní (5, 7). Nọ́ńbà tó ṣíwájú nínú àkámọ́ ń sọ bí àmì náà ṣe jìnnà sí ọ̀tún tàbí sí òsì tó láti oríta tí ìlà ìbú àti ìlà òòró ti pàdé. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ga tàbí bó ṣe lọ sílẹ̀ tó. Máínọ́ọ̀sì tó wà níwájú 3 ń sọ fún wa pé apá òsì ni A wà. Ẹni tó bá gbéra ní oríta yẹn tó fẹ́ dé ọ̀dọ̀ A yóò lọ ní ẹyọ mẹ́ta sí òsì, yóò sì gòkè ní ẹyọ kan. Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ B yóò lọ ní ẹyọ márùn-ún sí ọ̀tún, yóò sì gòkè ní ẹyọ méje.

Olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ìṣirò lójú fọ́tò. Yóò kọ́kọ́ da nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sórí bébà tirẹ̀, yóò sì ya àwòrán kékeré mìíràn tí kò ní láti gún régé, kó ṣáà lè rí i pé A wà lápá òsì ìlà òòró, pé B wà lápá ọ̀tún, pé B sì ga ju A lọ. Láti ibẹ̀ lọ, fọ́tò ti di ẹlẹ́rìí. Wọn yóò pè é wá jẹ́rìí nígbà tí ìdáhùn bá ti jáde, àmọ́ kì í ṣe òun ni yóò dá ẹjọ́.

Àárín ló yá jù. Ẹ ro nọ́ńbà ìbú méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì. −3 + 5 jẹ́ 2, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1. Ẹ ṣe bákan náà fún nọ́ńbà òòró: 1 + 7 jẹ́ 8, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4. Àárín ìlà AB, tí a ó pè ní M, wà ní (1, 4).

Ó yẹ ká mọ ìdí tí a fi ń ro wọ́n pọ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Láti −3 dé 5, ẹyọ mẹ́jọ ni. Ẹni tó fẹ́ dúró ní ìdajì ọ̀nà yóò rìn ní ẹyọ mẹ́rin láti −3, yóò sì bá ara rẹ̀ ní 1. Ìròpọ̀ tí a pín sí méjì máa ń mú wa dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì kó tó pín in sí méjì yóò rí 4 àti 3, yóò sì kọ (4, 3) sílẹ̀. Iye tí èèyàn máa rìn láti A dé àárín ni 4 àti 3 yẹn. Ibi tí yóò dúró sí kọ́.

Gíradíẹ́ǹtì ń sọ bí ìlà ṣe ń gòkè tó fún gbogbo ẹyọ kan tó bá lọ sí ọ̀tún. Láti A dé B, a lọ sí ọ̀tún ní ẹyọ mẹ́jọ, a gòkè ní ẹyọ mẹ́fà. A fi 8 pín 6, ó di 6/8, ìyẹn 3/4. Lọ́rọ̀ kan, tí a bá lọ ní ẹyọ mẹ́rin sí ọ̀tún lórí ìlà yìí, ẹyọ mẹ́ta la ó gòkè. Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ B nígbà tó ń yọ nọ́ńbà òòró, 7 − 1, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ A nígbà tó ń yọ nọ́ńbà ìbú, −3 − 5. Èyí á di 6 lórí −8, gíradíẹ́ǹtì á sì di −3/4. Ibi tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè, ibẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ pe ẹlẹ́rìí wá: nínú àwòrán, ìlà náà ń gòkè bí ojú ṣe ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ìlà tó ń gòkè báyẹn kò lè ní gíradíẹ́ǹtì tó ní máínọ́ọ̀sì.

Ó wá ku ìkuéṣọ̀n ìlà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà sí òkè ìṣòro nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin kan ṣoṣo ni. Gbogbo àmì tó wà lórí ìlà náà ló ń pa á mọ́, èyí tí kò sí lórí ìlà kò sì lè pa á mọ́. A ti mọ̀ pé 3/4 ni gíradíẹ́ǹtì láti A dé ibikíbi lórí ìlà yìí. Ká wá mú àmì kan tí a kò mọ ibi tó wà, ká pè é ní (x, y). Láti A dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìgòkè jẹ́ y − 1. Ìrìn sí ọ̀tún jẹ́ x − (−3), tí í ṣe x + 3. Nítorí náà:

(y − 1)/(x + 3) = 3/4

Tí a bá gbé e lọ gbé e bọ̀, yóò di 4(y − 1) = 3(x + 3). Ẹ tú àkámọ́: 4y − 4 = 3x + 9. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan:

3x − 4y + 13 = 0

Ẹni tó bá fẹ́ kí y dá dúró lè kọ ọ́ báyìí: y = 3x/4 + 13/4. Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Àǹfààní èyí tó kẹ́yìn ni pé ó ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ ibi tí ìlà náà ti gé ìlà òòró kọjá, ìyẹn 13/4, tí í ṣe 3.25.

Láti A ni a ti kọ òfin yìí sílẹ̀, torí náà B ló yẹ ká fi dán an wò. Ẹ fi 5 sí ipò x, kí ẹ fi 7 sí ipò y: 15 − 28 + 13, òdo ni. Ẹ fi M náà wò ó: 3 − 16 + 13, òdo ni. Àárín tí kì í ṣe òótọ́, (4, 3) tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ìṣáájú kọ, ńkọ́? 12 − 12 + 13 jẹ́ 13. Kò sí lórí ìlà rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fọ́tò ti wọlé nìyí, nítorí pé àyẹ̀wò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọnù nínú fọ́tò ni máínọ́ọ̀sì. Ìlà kékeré tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà ni, kò sì sí ibi tí kò lè fara pamọ́ sí lórí bébà tó kún fún ìlà kéékèèké. Tí Wasáàpù bá tún fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè yá láti firánṣẹ́, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pòórá pátápátá. Ká ní ẹni tó gba fọ́tò ka A sí (3, 1). Yóò rí àárín ní (4, 4). Gíradíẹ́ǹtì yóò di 6/2, ìyẹn 3. Òfin ìlà yóò di y = 3x − 8. Ẹ wò ó bóyá B pa òfin yìí mọ́: 3 lọ́nà 5 jẹ́ 15, ẹ yọ 8, ó ku 7. Ó pa á mọ́! A tí wọ́n ṣì kà náà pa á mọ́, àárín tó jáde láti inú rẹ̀ náà pa á mọ́. Kò sí ẹyọ ìṣirò kan tó lè tú àṣìṣe yìí fó, torí pé ìṣirò náà péye. Ìlà mìíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Àwòrán ló máa tú u fó. Òfin y = 3x − 8 ń sọ pé ìlà náà gé ìlà òòró kọjá ní −8, jìnnà sísàlẹ̀ oríta. Nínú fọ́tò, gbogbo ẹni tó lójú ló ń rí i pé òkè oríta ni ìlà náà ti gé e kọjá, tí A sì wà lápá òsì. Ẹni tó bá rí irú ìtakora bẹ́ẹ̀ kí ó padà lọ fẹ fọ́tò náà lójú, kó wo iwájú 3 dáadáa.

Bákan náà ni 1 àti 7 ṣe máa ń jọra nínú ìwé ọwọ́. Ẹni tó bá ka B sí (5, 1) yóò rí i pé A àti B ga bákan náà, gíradíẹ́ǹtì yóò sì di òdo, ìyẹn ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlà inú fọ́tò kò tẹ́. Àwọn kan tún máa ń kọ kọ́mà bíi àmì ìdá mẹ́wàá, tí (5, 7) á fi dà bí 5.7, ṣùgbọ́n èyí kò nira láti mọ̀, nítorí pé àmì kan kò lè ní nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí a fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi rúlà wọn ojú fóònù? Ìdí ni pé kámẹ́rà máa ń pa àwọn ohun kan mọ́, ó sì máa ń ba àwọn mìíràn jẹ́. Ìlà tó tọ́ lórí bébà máa ń tọ́ nínú fọ́tò, àfi létí fọ́tò tí wọ́n bá fi lẹ́ǹsì tó ń gba ilẹ̀ púpọ̀ yà, níbi tí ìlà ti lè tẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ìlà méjì ti pàdé lórí bébà náà ni wọn yóò ti pàdé nínú fọ́tò. Ohun tó wà lápá òsì ìlà òòró kò ní dédé fò lọ sápá ọ̀tún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lè gba ẹ̀rí àwòrán lórí ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún, òkè àti ìsàlẹ̀ oríta. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan yàwòrán, ìdajì kì í jẹ́ ìdajì mọ́, igun kì í sì í jẹ́ igun tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó sún mọ́ kámẹ́rà á tóbi, ohun tó jìnnà á kéré.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní sẹ̀ǹtímítà méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe ẹyọ kan lórí bébà gíráàfù rẹ̀. Ìlà AB yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, nítorí pé ẹyọ mẹ́jọ sí ọ̀tún àti mẹ́fà sókè máa ń bí ìlà tó gùn ní ẹyọ mẹ́wàá. Ó jókòó ti tábìlì, ó fi fóònù sí ọ̀kánkán àyà rẹ̀, ó sì yà á láìdìde. Nítorí bí fóònù ṣe fì, A wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 síwájú kámẹ́rà, B wà ní 30. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, àárín tòótọ́ kì í bọ́ sí ìdajì ìlà. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ọ̀nà láti A ló máa bọ́ sí, nítorí pé 30 nínú àpapọ̀ 20 àti 30 ni. Tí ìlà náà bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lójú fóònù, M yóò wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí A àti méjì sí B.

Ẹni tó fi rúlà wá ìdajì ìlà náà lójú fóònù yóò fi àmì sí sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ibi tó fi àmì sí yẹn, tí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sórí bébà, ìdá méjì nínú márùn-ún ọ̀nà láti A sí B ni. Ibẹ̀ sì ni (0.2, 3.4). Ẹ dán an wò nínú òfin ìlà: 0.6 − 13.6 + 13. Òdo ni! Àárín irọ́ yìí wà lórí ìlà pátápátá, àyẹ̀wò tó mú (4, 3) kò lè mú un. Àyẹ̀wò mìíràn ló ń mú irú èyí: kí ìrìn láti A dé M dọ́gba pẹ̀lú ìrìn láti M dé B. Láti (−3, 1) dé (1, 4), a lọ ní mẹ́rin, a gun mẹ́ta. Láti (1, 4) dé (5, 7), a tún lọ ní mẹ́rin, a tún gun mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti A dé (0.2, 3.4), a lọ ní 3.2, a gun 2.4, láti ibẹ̀ dé B, a lọ ní 4.8, a gun 3.6. Kò dọ́gba.

Ọgbọ́n kan wà fún ẹni tó bá fẹ́ rí àárín nínú fọ́tò tó fì láì ṣe ìṣirò kankan, bí ìlà gíráàfù bá ṣì hàn dáadáa. Ẹ gbéra láti A, kí ẹ tọ ìlà ìbú lọ sí ọ̀tún títí tí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀ B, ní (5, 1). Ẹ padà sí A, kí ẹ tọ ìlà òòró gòkè títí tí ẹ ó fi dé ọ̀kánkán B, ní (−3, 7). Àmì méjì yìí pẹ̀lú A àti B di onígun mẹ́rin. Ẹ fa ìlà láti (5, 1) dé (−3, 7). Ibi tó ti gé AB kọjá ni àárín, bó ti wù kí fọ́tò náà fì tó. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú onígun mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ìlà méjèèjì tó lọ láti igun dé igun máa ń pàdé ní àárín gbùngbùn, kámẹ́rà kì í sì í ba ibi ìpàdé jẹ́. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì ti mọ irú ọgbọ́n yìí kí kámẹ́rà tó dé. Leon Battista Alberti, nínú ìwé tó kọ nípa iṣẹ́ àwòrán ní 1435, ló ní tí ayàwòrán bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ alálẹ̀mọ́ tó yà tọ̀nà, kí ó fa ìlà láti igun dé igun kọjá lórí àwọn onígun mẹ́rin náà, kó wò ó bóyá ìlà kan tó tọ́ gba inú gbogbo wọn.

Gíradíẹ́ǹtì kò ní irú ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀ lójú fọ́tò. Fọ́tò tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí òkè bébà wá kọjú sí òsì, yóò sọ 3/4 wa di −4/3 lójú ẹni tí kò fiyè sí i pé lẹ́tà A àti B ti dùbúlẹ̀. Kámẹ́rà iwájú tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya ara wọn lè fi òsì ṣe ọ̀tún bíi ti inú dígí, 3/4 á sì di −3/4; àwọn nọ́ńbà tó yí ẹ̀yìn padà ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Èyí tó yani lẹ́nu ni fọ́tò tó dorí kodò pátápátá. Kò yí gíradíẹ́ǹtì padà rárá, torí pé ìlà tó ń gòkè lọ sí ọ̀tún ṣì ń gòkè lọ sí ọ̀tún tí wọ́n bá yí bébà náà po ní ìdajì.

Kódà bí wọ́n bá ya fọ́tò náà láti òkè gangan, tí kò fì síbì kankan, rúlà ṣì lè tan èèyàn jẹ nítorí ìwọ̀n tí wọ́n lò fún ìlà méjèèjì. Ìdánwò máa ń pàṣẹ pé kí sẹ̀ǹtímítà méjì dúró fún ẹyọ kan lórí ìbú, kí sẹ̀ǹtímítà méjì mìíràn sì dúró fún ẹyọ méjì, márùn-ún tàbí mẹ́wàá lórí òòró. Tí ó bá jẹ́ ẹyọ méjì ni wọ́n lò lórí òòró fún àpẹẹrẹ wa, ìlà AB yóò lọ ní sẹ̀ǹtímítà 16 sí ọ̀tún, yóò sì gòkè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré. Rúlà yóò sọ pé 6/16, ìyẹn 3/8, ìdajì gíradíẹ́ǹtì tòótọ́. Ẹni tó bá fi ohun èlò ìwọngun wọ̀n ọ́n yóò rí nǹkan bíi dígírì 21, nígbà tí ìlà tó ní gíradíẹ́ǹtì 3/4 yẹ kí ó fi nǹkan bíi dígírì 37 gòkè tí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba. Ka nọ́ńbà, má wọn sẹ̀ǹtímítà: gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlà kan wà tó máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà jù nínú fọ́tò, ìyẹn ìlà tó dúró ṣánṣán. Ẹ fi àmì kẹta kún àwòrán wa, C ní (5, −2), kí ẹ sì so ó mọ́ B. Nínú fọ́tò tó fì, ìlà BC lè dà bíi pé ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé ó ní gíradíẹ́ǹtì ńlá kan. Nọ́ńbà ìbú wọn ni kó wò. 5 ni ti B, 5 ni ti C. Ìrìn sí ọ̀tún jẹ́ òdo, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń fi òdo pín nǹkan. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò ní gíradíẹ́ǹtì, òfin rẹ̀ sì kúrú: x = 5. Àárín rẹ̀ kò yí padà ní ọ̀nà tí a ń gbà wá a, (5, 2.5) ni.

Ní ti yíyà fọ́tò fúnra rẹ̀, ohun díẹ̀ ló wà láti ṣe. Kí bébà tẹ́ sílẹ̀, kí fóònù tẹ́ lókè rẹ̀ gan-an, kí ẹni tó ń yà á sì gbé e sókè díẹ̀ kó tó fa àwòrán súnmọ́ra, torí pé bí kámẹ́rà bá ṣe jìnnà tó ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó sún mọ́ ọn àti ohun tó jìnnà sí i ṣe ń dín kù tó. Nínú àpẹẹrẹ wa, tí 20 àti 30 bá di 60 àti 70 láì yí bí fóònù ṣe fì padà, àárín tòótọ́ yóò bọ́ sí nǹkan bí ìdá 54 nínú 100 dípò 60. Tí ó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, kó fi ṣọwọ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, kí máínọ́ọ̀sì má baà sọnù lọ́nà. Ọ̀pọ̀ fóònù ní ibi tí a ti lè ya bébà bí ẹní ń ṣe ìwé sí ẹ̀rọ, tí yóò wá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bébà náà, tí yóò sì na àwòrán títí tí yóò fi gún. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí bébà bá ká létí tàbí tí igun kan kò bá sí nínú fọ́tò, ibi tí kò yẹ ni yóò nà án dé, yóò sì mọ́ tónítóní débi pé ojú á gbà á gbọ́.

Nígbà mìíràn, àtàǹpàkò ẹni tó ya fọ́tò á bo nọ́ńbà kan, tàbí kí etí fọ́tò gé e kúrò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èèyàn ní láti ní kí wọ́n tún un yà. Ká ní nọ́ńbà B ló bọ́ sábẹ́ àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti sọ pé (1, 4) ni àárín ìlà AB. Ìlọ́po méjì 1 jẹ́ 2; ẹ yọ −3 tí í ṣe ti A kúrò nínú rẹ̀, ó di 5. Ìlọ́po méjì 4 jẹ́ 8. Ẹ yọ 1 kúrò, ó di 7. Tó bá sì jẹ́ pé gíradíẹ́ǹtì 3/4 ni ìbéèrè fúnni, tí 5 nìkan hàn lára nọ́ńbà B, ẹyọ mẹ́jọ ni ìrìn láti A sí ọ̀tún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, B sì fi mẹ́fà ga ju A lọ. Ṣùgbọ́n tí àtàǹpàkò bá bo nọ́ńbà B méjèèjì, tó jẹ́ pé gíradíẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n fúnni, a ṣì lè kọ òfin ìlà náà láti ọ̀dọ̀ A. Àárín ni a kò ní lè rí, nítorí pé B lè wà níbikíbi lórí ìlà náà, àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò kó tún fọ́tò yà.